Bí ẹ ṣe lè to nọ́ńbà ínfọ́ìsì ṣọ́ọ̀bù yín tí kò fi ní fò, tí kò sì ní di méjì

Bí ẹ bá ra ìwé ínfọ́ìsì tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta bírò àti ìwé nínú ọjà, ẹ ṣí i wò kí ẹ tó gbé e sí káńtà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bẹ̀rẹ̀ láti 001, tó sì parí sí 050. Ẹ ra èkejì, òun náà bẹ̀rẹ̀ láti 001. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí èkejì yẹn, ínfọ́ìsì méjì ti ń jẹ́ orúkọ kan náà ní ṣọ́ọ̀bù yín nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ṣèrú.

Wàhálà rẹ̀ kì í yọjú lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni oníbàárà máa mú ìwé funfun ọwọ́ rẹ̀ wá, á ní, “Ìyá, nọ́ńbà 034 ni tèmi. Mo ti san ọ̀kẹ́ méjì náírà níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló kù.” Ẹ ó ṣí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó rí 034 tó jẹ́ ti ẹlòmíì, tó ra léèsì, tó sì ti sanwó tán. Ta ni ká gbà gbọ́? Nọ́ńbà tó fò tún ní tirẹ̀. Bí 117 bá wà, tí 119 náà wà, tí ẹ ò rí 118, ó lè jẹ́ pé ìwé bà jẹ́ tí wọ́n ya á dànù, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan tajà tó sì kó owó rẹ̀ sápò. Bí ẹ ṣe ń to nọ́ńbà ló máa sọ bóyá ẹ lè mọ̀yàtọ̀ méjèèjì yìí tàbí ẹ ò ní lè mọ̀ ọ́n láéláé.

Ká mú àpẹẹrẹ kan dání láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ká ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan wà ní ọjà Gbági tuntun n'Ìbàdàn, tó ń ta ànkárá àti léèsì. Ọmọbìnrin kan ń tajà níwájú, ọ̀kan ń tajà ní ibi ìkẹ́rùsí lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi táwọn tó ń rà á ní dọ́sìnnì máa ń lọ. Ìwé alákábọ̀n ni wọ́n ń kọ: funfun ti oníbàárà, aláwọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù. Lálẹ́, ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù tàbí ọmọ rẹ̀ á wá tẹ gbogbo rẹ̀ sórí Google Sheets lórí fóònù. Níwájú, wọ́n ń kọ nǹkan bí 20 ínfọ́ìsì lóòjọ́. Lókè, nǹkan bí 8. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ń ṣí lọ́sẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ìwé tó lẹ́tọ̀ọ́ sí nọ́ńbà

Ibí ni àlàfo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ jù. Oníbàárà wọlé, ó ní kí wọ́n bá òun kọ iye tí aṣọ ẹbí 40 máa jẹ́ kí òun lè lọ fi han àwọn ẹbí. Ọmọ ọjà fa ìwé ínfọ́ìsì yọ, ó kọ ọ́, ó ya á fún un. Oníbàárà lọ, kò padà wá mọ́. Nọ́ńbà kan ti lọ sórí ọjà tí a kò tà. Nígbà tó bá di òpin oṣù, ẹ ó rí ínfọ́ìsì tí kò ní owó nídìí.

Nítorí náà, ìwé tí a fi ń dá iye lé ọjà, èyí táwọn ilé iṣẹ́ máa ń bèèrè ní pùrófọ́mà, kò gbọdọ̀ jáde láti inú ìwé ínfọ́ìsì. Ẹ ra ìwé lásán fún un, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Bí ẹ bá fẹ́ kó ní nọ́ńbà, ẹ fún un ní tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P, bó sì fò tí kò fò kò ba nǹkan jẹ́.

Ìgbà tí ọjà ti di títà ni nọ́ńbà ínfọ́ìsì ń wáyé: oníbàárà ti gbà sí iye, aṣọ ti wà lórí káńtà tí wọ́n ti gé e tàbí kà á, ó sì ti sanwó, tàbí ó ti san àsansílẹ̀, tàbí ẹ ti gbà láti gbé e fún un láwìn. Ṣáájú àkókò yẹn, bírò kò gbọdọ̀ kan ìwé. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ọjà fẹ́ràn láti máa kọ ọ́ bí oníbàárà ṣe ń mú aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ó dà bíi pé ó yá. Ìwé tí wọ́n ń bà jẹ́ látàrí ìyẹn pọ̀ ju àkókò tí wọ́n ń jèrè lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí bébà àlòkù, kí wọ́n ro ó pọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n dà á kọ.

Oníbàárà tó ń san díẹ̀díẹ̀ ńkọ́? Ínfọ́ìsì kan ṣoṣo ló ní fún ọjà kan. Owó tó bá ń mú wá lẹ́yìn náà, rìsíìtì ni ẹ ó máa já fún un, ẹ ó sì kọ nọ́ńbà ínfọ́ìsì náà sórí rìsíìtì. Ẹ má ṣe kọ ínfọ́ìsì tuntun fún owó tó kù, torí pé ọjà kan náà á wá di títà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé yín.

Ibi kan, ìlà nọ́ńbà kan

Ìlà nọ́ńbà ni mo ń pe ètò nọ́ńbà tó ń tẹ̀lé ara wọn láti ọ̀kan dé èkejì láìdúró. Bí ọwọ́ méjì bá ń kọ ínfọ́ìsì lẹ́ẹ̀kan náà láti inú ìlà kan ṣoṣo, ọ̀nà méjì péré ló wà: kí wọ́n máa pariwo bi ara wọn nọ́ńbà tó kàn, tàbí kí wọ́n máa fojú bù ú. Ọ̀nà méjèèjì ló ń bí nọ́ńbà oníméjì, pàápàá ní àsìkò ọdún Iléyá tàbí Kérésì tí èrò pọ̀.

Ẹ fún ibi kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kí lẹ́tà kan sì ṣáájú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù Gbági yìí, A ni ti iwájú, B ni ti òkè. A-00001 àti B-00001 kì í ṣe nọ́ńbà kan náà, ẹnikẹ́ni ò sì ní láti dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn kan máa ń fi lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ọmọ tó ń tajà ṣe é, kí ìwé Bùkọ́lá jẹ́ B, kí ti Ṣadé jẹ́ S. N kò fara mọ́ ọn. Ọmọ ọjà ń lọ, òmíràn ń dé, àmọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí kúrò níwájú. Ẹ fi lẹ́tà sọ ibi tí wọ́n ti tajà, kí ẹni tó kọ ọ́ fi ọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

Ẹ má sọ ìlà di púpọ̀ jù. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó máa yẹ̀ wò lálaalẹ́. Àwọn kan máa ń fún ànkárá ní tirẹ̀, léèsì ní tirẹ̀, awìn ní tirẹ̀. Tí oníbàárà kan bá wá ra gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọmọ ọjà ò ní mọ èyí tí yóò kọ.

Iye ẹyọ nọ́ńbà, àti ọ̀rọ̀ ọdún

Ṣé kí nọ́ńbà ní ọdún nínú, bíi 2026-0001, kó sì tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní? Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan ló ń kọ ínfọ́ìsì yín, kò burú, níwọ̀n ìgbà tí ọdún bá wà nínú nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá padà sí 0001 láìkọ ọdún mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ ló dá nọ́ńbà oníméjì sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n fún ìwé tí a tẹ̀, mo ní kí ẹ yọ ọdún kúrò. Ìwé kì í parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Bí ewé 23 bá kù nínú ìwé ọdún tó ń lọ, ẹ ó ní láti fagi lé gbogbo wọn, tàbí kí ẹ máa fi nọ́ńbà ọdún tó kọjá kọ ọjà ọdún tuntun. Déètì ti wà lórí ínfọ́ìsì lọ́tọ̀. Kò sí ohun tí ọdún ń ṣe nínú nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ kí ìlà máa lọ láìdúró.

Torí pé kò ní dúró, ẹ ṣírò iye ẹyọ tí ẹ nílò. Níwájú, 20 lóòjọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún: ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ínfọ́ìsì nìyẹn. Bí ẹyọ bá jẹ́ mẹ́rin, 9999 máa kún kí ọdún kejì tó parí. Bó bá jẹ́ márùn-ún, ìlà náà á ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Òdo kan péré ni ìyàtọ̀ wọn, òǹtẹ̀wé ò sì ní gba owó kún un. Ẹ kọ ọ́ ní márùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá gbé e lọ fún àwọn òǹtẹ̀wé

N'Ìbàdàn, Mókọ́lá ni ọ̀pọ̀ máa ń lọ, l'Ékòó, Ṣómólú. Ẹ sọ nǹkan mẹ́rin fún wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn: lẹ́tà ìlà, nọ́ńbà tó máa bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà tó máa parí, àti iye ewé inú ìwé kọ̀ọ̀kan. Fún iwájú ṣọ́ọ̀bù yìí, mo máa ní kí wọ́n tẹ ìwé 20, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ewé 50, láti A-00001 dé A-01000. Ìyẹn á gbé wọn fún nǹkan bí ọjọ́ àádọ́ta tí wọ́n bá fi tajà. Fún òkè, ìwé 10 tó. Nígbà tí ẹ bá máa padà lọ tẹ òmíràn, ẹ má fi ẹnu sọ ibi tó kàn. Ẹ mú ìwé tó kẹ́yìn dání lọ, kí wọ́n fojú ara wọn rí A-01000, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti A-01001.

Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé fi ń lu nọ́ńbà. Inú rẹ̀ ní àgbá kéékèèké tó ń yí. Wọ́n máa ń tò ó kó tẹ nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan sórí funfun, ọ̀kan sórí aláwọ̀, kó tó yí bọ́ sórí èyí tó kàn. Bí wọ́n bá gbàgbé láti tò ó bẹ́ẹ̀, funfun á jẹ́ 00051, aláwọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ á jẹ́ 00052. Bí àgbá náà bá há, nọ́ńbà kan á jáde sórí ewé mẹ́rin; bó bá sì fò, á fi ọ̀kan sílẹ̀. Ibi tó máa ń há sí jù ni ibi tí àgbá púpọ̀ ti ń yí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan: láti 00099 sí 00100, láti 00199 sí 00200.

Nítorí náà, ẹ má sanwó tán kí ẹ tó ṣí wọn. Ẹ wo ewé àkọ́kọ́ àti ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ wo bóyá funfun àti aláwọ̀ bára mu, kí ẹ sì fi àtàńpàkò tú gbogbo ewé tó wà ní àyíká ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí àṣìṣe tí kò ṣeé tún tẹ̀, ẹ fi bírò kọ “KÒ SÍ NỌ́ŃBÀ YÌÍ” síbi tó fò, ẹ fagi lé ewé tó bá di méjì kó ku ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà kò ju ìwé ilé ẹ̀kọ́ kan tí ẹ fa ìlà sí lọ. Ẹ kọ ìwé kọ̀ọ̀kan síbẹ̀: láti nọ́ńbà báyìí dé báyìí, ẹni tí a gbé e fún, ọjọ́ tó gbà á, ọjọ́ tó dá a padà. Àwọn ìwé tí a kò tíì ṣí máa wà lábẹ́ àgádágodo lọ́dọ̀ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ìwé kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí níwájú, ọ̀kan lókè. Ọmọ ọjà á dá èyí tó parí padà kó tó gba tuntun, bí wọ́n ti tò ó sì ni ẹ ó máa gbé e jáde, A-00051 lẹ́yìn A-00050. Bí ìwé méjì bá wà ní ṣíṣí níbì kan, nọ́ńbà yín á dà bí èyí tó fò títí wọ́n á fi kọ méjèèjì tán, ìwádìí alẹ́ ò sì ní wúlò mọ́.

Ewé tó bà jẹ́

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ewé dànù. Bí wọ́n bá ṣi iye kọ, tàbí tí oníbàárà yí ọkàn padà kó tó gba ìwé, kí wọ́n fa ìlà méjì gba inú ewé náà kọjá, kí wọ́n kọ “A TI FAGI LÉ E” gàdàgbà sórí rẹ̀ pẹ̀lú kábọ̀n lábẹ́, kó lè hàn lórí ẹ̀dà méjèèjì. Kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, àti nọ́ńbà tuntun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀: “iye ọ̀pá ò péye, wo A-00431.” Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi sítéépù so funfun mọ́ aláwọ̀ nínú ìwé. Funfun tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀rí. Ewé tí wọ́n ní àwọn fagi lé, tí funfun rẹ̀ kò sì sí, ẹ bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ náà gan-an, torí pé ó ṣeé ṣe kí oníbàárà ti gbé e lọ pẹ̀lú aṣọ, kí owó sì ti wọ ibòmíràn.

Bí oníbàárà bá ti gbé ìwé rẹ̀ lọ, ẹ ò lè fagi lé ínfọ́ìsì yẹn mọ́. Bó bá dá léèsì padà lọ́jọ́ kejì, ìwé ìdápadà ọjà ni ẹ ó kọ, tó ní ìlà tirẹ̀, ká ní D-00001, tí ẹ ó sì kọ nọ́ńbà ínfọ́ìsì àkọ́kọ́ sínú rẹ̀. Ínfọ́ìsì dúró síbi tó wà. Ìwé ìdápadà ló ń yọ owó rẹ̀ kúrò.

Ìṣirò alẹ́

Kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣe ìṣirò kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí wọ́n lò lónìí. Ó gbọdọ̀ tẹ̀lé èyí tó kẹ́yìn lánàá tààrà. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkẹyìn, kí ẹ fi ọ̀kan kún un. Bí iwájú bá bẹ̀rẹ̀ láti A-00418, tó parí sí A-00437, 437 dín 418 jẹ́ 19, ọ̀kan lé e jẹ́ 20. Ewé 20 ló gbọdọ̀ wà. Ká ní ọjà 19 ni wọ́n tà, tí wọ́n fagi lé ọ̀kan, ó pé. Ẹ má gbàgbé ọ̀kan tí a fi kún un yẹn. Àìfi í kún un máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn wá ewé tí kò sọnù.

Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà

Nínú Google Sheets tàbí Excel, ẹ fi òpó A ṣe lẹ́tà ìlà, òpó B ṣe nọ́ńbà, C déètì, D iye owó, E ipò rẹ̀: “TÀ” tàbí “FAGILÉ”. Ewé tí a fagi lé náà gbọdọ̀ wọlé, pẹ̀lú owó òdo. Nọ́ńbà gidi ni kí ẹ tẹ̀ sí òpó B, 423, láìsí òdo níwájú, torí pé Excel máa ń gé òdo iwájú sọnù fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí i bó ṣe wà lórí ìwé, ẹ fi èyí sí òpó F:

```
=A2&"-"&TEXT(B2,"00000")
```

Ẹ má fi fọ́múlà pèsè nọ́ńbà inú òpó B, bíi `=ROW()-1`. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá to àwọn ìlà inú Sheets ní ọ̀nà mìíràn, tàbí tó pa ìlà kan rẹ́, gbogbo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ á yí padà, wọn kò sì ní bá ìwé mu mọ́.

Ní òpó G, ẹ fi fọ́múlà yìí, kí ẹ fà á wálẹ̀:

```
=IF(COUNTIFS($A$2:$A$20000,A2,$B$2:$B$20000,B2)>1,"MÉJÌ","")
```

Ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà àti nọ́ńbà náà fara hàn pọ̀. Bó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó kọ MÉJÌ. Láti rí èyí tó fò nínú ìlà A, ẹ tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́ oṣù sí J1, ti ìkẹyìn sí J2, kí ẹ fi èyí sí J4:

```
=FILTER(SEQUENCE(J2-J1+1,1,J1),COUNTIFS(A2:A20000,"A",B2:B20000,SEQUENCE(J2-J1+1,1,J1))=0)
```

Yóò to gbogbo nọ́ńbà tí kò sí lábẹ́ J4. Bí kò bá sí èyí tó fò, Google Sheets á gbé `#N/A` jáde, Excel tuntun á gbé `#CALC!`. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà.

Ẹ wo bí méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ká ní ìwé A-00401 dé A-00450 ti parí. Ewé 50. Ẹ ka ìlà tó wà nínú Google Sheets, ó jẹ́ 50. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní ó pé. Ṣùgbọ́n òpó G kọ MÉJÌ sí iwájú 432 ní ibi méjì, J4 sì ní 423 kò sí. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló yí 2 àti 3 sódì: ó ń wo ewé 423, ó sì tẹ 432. Nígbà tó dé orí 432 gan-an, ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Ọ̀kan fò, ọ̀kan di méjì, wọ́n pa ara wọn rẹ́ nínú kíkà. Ìdí nìyí tí kíkà ewé nìkan kò fi tó, tó sì jẹ́ pé òpó MÉJÌ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo èyí tó fò.

Láti tún un ṣe, ẹ fa ìwé yọ, ẹ ṣí ewé 423, ẹ wo iye owó rẹ̀. Nínú ìlà méjì tó ń jẹ́ 432, èyí tí owó àti déètì rẹ̀ bá ti ewé 423 mu ni ẹ ó yí padà. Ẹ má ṣe fojú bù ú pé èyí tó wà nísàlẹ̀ ló jẹ̀bi. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ti òkè ló jẹ̀bi.

Google Sheets lè dá nọ́ńbà oníméjì dúró lójú ẹsẹ̀ bí ẹ bá lo `Data validation`. Èmi kì í sọ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n lò ó. Nínú ọ̀rọ̀ 423 yìí, 432 tó jẹ́ òótọ́ ni ì bá kọ̀, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ tó ti rẹ̀ á sì wá nọ́ńbà mìíràn tó máa gbà á wọlé. Àmì MÉJÌ tó ń dúró de ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò sàn jù.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń kọ ínfọ́ìsì

Bí ẹ bá ti kúrò lórí ìwé, òfin kan náà ni: ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ìlà kan. Fóònù méjì tó ń pín ìlà kan á ṣiṣẹ́ dáadáa títí íńtánẹ́ẹ̀tì á fi lọ. Nígbà náà, méjèèjì á rí i pé 437 ló kẹ́yìn, méjèèjì á kọ 438. Ẹ fún fóònù iwájú ní A, ti òkè ní B, bí ti ìwé.

Ṣáájú kí ẹ tó gba ètò kọ̀ǹpútà kan, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ ṣí ínfọ́ìsì tuntun, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀, ẹ pa á tì láìtọ́jú rẹ̀, kí ẹ ṣí òmíràn. Bí nọ́ńbà bá ti bọ́ síwájú, ètò yẹn ń mú nọ́ńbà nígbà tí ẹ ṣí i, yóò sì máa fò nígbàkigbà tí oníbàárà bá yí ọkàn padà. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́jú ọ̀kan, kí ẹ pa á rẹ́. Bí ètò náà bá gbà kí ẹ pa á rẹ́ pátápátá, tó sì tún fún ínfọ́ìsì tó tẹ̀lé e ní nọ́ńbà kan náà, ẹ má gbà á. Èyí tó dára kì í pa ínfọ́ìsì rẹ́. Ó máa ń fagi lé e, á sì jẹ́ kó ṣì hàn nínú àkọsílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń tajà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ fún owó orí VAT, ọ̀ràn òfin ni eléyìí níbẹ̀. HMRC, àjọ tó ń gba owó orí níbẹ̀, ní kí ínfọ́ìsì VAT kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń tẹ̀lé ara wọn, tí kò bá òmíràn jọ. Ó gbà kí ẹ ní ju ìlà kan lọ, nítorí náà A àti B kò lòdì. Ínfọ́ìsì tí ẹ bá fagi lé, ẹ tọ́jú u mọ́ àkọsílẹ̀ yòókù, tí òfin ní kí ó wà lọ́wọ́ yín fún ọdún mẹ́fà.

Bí ẹ ṣe máa bọ́ sórí èyí láti orí ti àtijọ́

Ẹ má tún nọ́ńbà àtijọ́ tò. Ìwé funfun tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà kò ní yí padà, tí ẹ bá sì yí tiyín, ẹ ti já okùn tó so wọ́n pọ̀. Ẹ yan ọjọ́ kan, kí ó jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú tí ẹ tajà, ẹ kọ nọ́ńbà tí ìwé àtijọ́ kọ̀ọ̀kan parí sí sínú ìwé àkọsílẹ̀, ẹ fagi lé ewé tó kù nínú wọn, kí ẹ sì tì wọ́n mọ́ àpótí. Nítorí pé àwọn ti àtijọ́ kò ní lẹ́tà, A-00034 kò ní bá 034 wọn jà. Bí 034 méjì bá wà nínú wọn, ẹ fi déètì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ bí oníbàárà bá mú un wá, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò kún un.

Bí odindi ìwé bá sọnù, yálà nínú ọkọ̀ tàbí nígbà tí òjò wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ má tẹ nọ́ńbà yẹn mọ́ láéláé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀: “A-00551 dé A-00600, ó sọnù,” déètì, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti nọ́ńbà tó kẹ́yìn tó ti wọlé sórí Google Sheets. Èyí tó ti wọlé, ẹ ní owó àti déètì rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ò mọ̀ bóyá wọ́n ti lò ó, nítorí náà ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọlé pẹ̀lú “SỌNÙ” ní òpó E, kí ẹ gbé A-00601 jáde, kí ẹ sì sọ fún ọmọ ọjà pé ẹnikẹ́ni tó bá mú funfun kan láàárín nọ́ńbà wọ̀nyẹn wá, kó pe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kó tó fún un ní aṣọ tàbí gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.